Ọjọ́ Fídáù Tí Ọ̀rẹ́ Kò Rí Ọ̀rẹ́

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, ẹni tó gbá báàgì owó mú kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ. Bí àwọn àfáà ṣe ń ké Kùránì, tí wọ́n ń ṣàdúà fún olóògbé àti àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí, àna àti ará àdúgbò ń mú owó sàráà wá. Owó ń wọ inú báàgì, orúkọ ń wọ inú ìwé. Kálukú ló fẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu àfáà, bí orúkọ ẹnì kan bá sì fò, ọ̀rọ̀ náà lè di ohun tí wọ́n á máa rán ara wọn létí títí tí ẹlòmíì á fi kú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ olóògbé kì í fi í gbé báàgì lé ẹni tó bá ṣáà rí lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ tó mọ ilé ni wọ́n ń wá, ẹni tó mọ ẹbí lójú, tí kò ní yọ nínú owó, tó sì mọ bí èèyàn ṣe ń fẹ̀rín dá àbúrò bàbá tó fẹ́ yá díẹ̀ nínú rẹ̀ lóhùn.

Bí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá wá ńkọ́? Bí iṣẹ́ ló dá a dúró, iṣẹ́ gidi, tí kì í ṣe àwáwí, kí ni kó kọ ránṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà karí ọ̀rẹ́ méjì. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn. Èkejì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì, ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti jọ wà. Ilé Ìyá Ìbejì ni nọ́ọ̀sì ti ń lo ọlidé, màmá Ìyá Ìbejì sì máa ń nà án bí ẹni pé òun ló bí i. Bàbá Ìyá Ìbejì kú ní Sátidé kan, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì fi fídáù sí Sátidé tó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì sọ lórí fóònù pé, "Èmi ni màá gbé báàgì. Má wulẹ̀ wá ẹlòmíì. Màá ti dé kí àwọn àfáà tó jókòó."

Iṣẹ́ alẹ́ ló ṣe mọ́júmọ́ ọjọ́ fídáù. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló yẹ kó fa wọ́ọ̀dù lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, kó wẹ̀, kó wọ ànkárá tí ẹbí mú, kó sì wọkọ̀. Ṣùgbọ́n aago méje kọjá díẹ̀ nígbà tí obìnrin kan bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìwé ìtọ́jú ti ń sọ pé bí ẹ̀jẹ̀ tó dà lẹ́yìn ìbímọ bá ti tó ìdajì lítà, ewu ti dé. Ẹni tó wà nídìí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ á fi ọwọ́ kan máa ra ilé ọmọ láti òkè ikùn kó lè sún kì. Wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ ọsitósìnì, wọ́n á fi omi sí i lára, wọ́n á sáré wá ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan tún wà tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ kí wọ́n tó fún un. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá pàápàá, wọ́n ṣì ní láti máa wo ìfúnpá rẹ̀ léraléra, nítorí ó lè tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó wá gbaṣẹ́ kò sì tètè dé. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ wà lára ìbọ̀wọ́, fóònù sì wà nínú báàgì nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì. Aago méjì ọ̀sán ló kúrò nídìí aláìsàn. Ó di aago mẹ́ta kó tó tan fóònù wò, tó sì rí iye ìgbà tí Ìyá Ìbejì ti pè é.

Ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ kó tó kọ ohunkóhun ni ohun tó ń bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú gan-an. Ìyá Ìbejì kò bínú pé wọ́n gba ẹ̀mí obìnrin kan là. Kò sí ẹni orí rẹ̀ pé tó máa bínú sí ìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyí: títí di aago mọ́kànlá ló ń dá àwọn èèyàn lóhùn pé, "Ó wà lọ́nà." Nígbà tí àwọn àfáà jókòó, tí kò sí ẹni tó máa gbé báàgì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e. Òun ló ń gbowó, òun ló ń kọ orúkọ, òun náà ló tún ń sáré lọ wò bóyá wọ́n ti gbé oúnjẹ fún àwọn àfáà. Ìdí màmá rẹ̀ tó wà nínú opó, níbi tó yẹ kó jókòó sí, ṣófo. Màmá sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ọ̀rẹ́ ẹ dà?" Gbogbo ìyẹn ló wà nínú ìbínú náà. Ìtìjú "ó wà lọ́nà" tó sọ di irọ́ láìmọ̀ sì lè jẹ́ èyí tó ká a lára jù. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó bá ń ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dà ní wọ́ọ̀dù, tí kò sì dé ibi báàgì, ibi ìwé àti ibi ìbéèrè Màmá, ojú ọ̀nà ibòmíì ló gbà.

Ní aago mẹ́ta yẹn, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló yẹ. Èrò ṣì kún ilé wọn, wọ́n ń palẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó ráyè ka lẹ́tà gígùn. Ìlà mélòó kan tó: "Ìyá Ìbejì, ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo já ẹ kulẹ̀ lónìí. Màá pè ẹ́ lálẹ́ ọ̀la nígbà tí èrò bá ti lọ." Iṣẹ́ tí ìlà yìí ń ṣe kò ju kí ara ọ̀rẹ́ balẹ̀ pé kò sí jàǹbá ọkọ̀, kó sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa wáyé. Ẹni tó bá kó gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ìṣẹ́jú yẹn fẹ́ kí ọkàn ara rẹ̀ fúyẹ́ ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, kó pè, kó sì dákẹ́. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba nǹkan jẹ́. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Cynthia Frantz àti Courtney Bennigson, gbé ìwádìí kan jáde lórí àkókò tí ẹ̀bẹ̀ máa ń wọlé jù. Wọ́n rí i pé ẹ̀bẹ̀ tó pẹ́ díẹ̀ sàn ju èyí tó yá jù lọ, torí pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á ti ráyè sọ tinú rẹ̀, á sì ti rí i pé ó yé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà wa tó ń parí ìjà lójúlé mọ èyí tipẹ́: ẹni tó ń ráhùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó rojọ́. Nítorí náà, bí Ìyá Ìbejì bá gbé fóònù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kí nọ́ọ̀sì má dá sí i. Ibẹ̀ ló ti máa gbọ́ nípa báàgì, nípa oúnjẹ àwọn àfáà, nípa "ọ̀rẹ́ ẹ dà". Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni lẹ́tà rẹ̀ máa sọ, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ wọ́n bí kò bá gbọ́.

Ẹ wá wo lẹ́tà tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́wọ́:

"Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ, ṣùgbọ́n o mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ọwọ́ mi kọ́ ló wà. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, má bínú. Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ti fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ẹ. Jọ̀ọ́, sọ pé o ti dárí jì mí."

Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kan níbẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń dá kún ìjà. "O mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí" ti di ẹjọ́: ó ń sọ pé bí o bá ń bínú, ìwọ ni kò gba tèmi rò. "Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́" ń ṣe bí ẹni pé kò tíì dájú bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà. "Ọwọ́ mi kọ́ ló wà" jẹ́ òótọ́ nípa wọ́ọ̀dù, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ nípa gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ ta ni ìlérí wà? Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé òun máa ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́júmọ́ ọjọ́ náà, ó sì mọ̀ pé wọ́ọ̀dù ìbímọ kì í wo aago. Síbẹ̀ ó ní kí ọ̀rẹ́ òun má wá ẹlòmíì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ lẹ́tà irú èyí kì í sì í débẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ pàjáwìrì ti dùn ún rò jù.

Èmi á ní kó kọ irú èyí:

"Ìyá Ìbejì, mi ò sí níbi fídáù Bàbá. Èmi ni mo ní kó o má wá ẹlòmíì tó máa gbé báàgì, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ni màá ṣe mọ́jú. Kò yẹ kí n ṣèlérí yẹn. Mo gbọ́ pé ìwọ lo gbowó, ìwọ lo kọ orúkọ, ìwọ náà lo tún ń wo oúnjẹ àwọn àfáà, lọ́jọ́ tó yẹ kó o jókòó ti Màmá. Mo sì jẹ́ kó o máa sọ fáwọn èèyàn pé mo wà lọ́nà nígbà tí mi ò sí lọ́nà. Ìyẹn dùn mí gan-an.

Aláìsàn kan wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yẹn tí mi ò lè fi sílẹ̀, ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ kò sì tíì dé. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, bó bá tún ṣẹlẹ̀ màá dúró tì í. Àmọ́ mo lè ní kí òṣìṣẹ́ kan bá mi pè ẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, kó o lè tètè wá ẹlòmíì. Mi ò ṣe é. Má bínú.

Mi ò ní iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Màá wá kí Màmá, màá wá bá ẹ yẹ ìwé owó yẹn wò ká lè mọ àwọn tó kù láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí àwọn kúlà àti abọ́ tẹ́ ẹ háyà bá ṣì wà nílẹ̀, èmi ni màá kó wọn padà. Bí o kò bá fẹ́ rí mi lọ́jọ́ náà, sọ fún mi, màá mú ọjọ́ míì. Má ṣèyọnu láti fèsì báyìí."

Ẹ ṣàkíyèsí pé àlàyé iṣẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ, ó sì wà láàárín, kò sí níbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wo bó ṣe pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Kò tọrọ àforíjì pé ó dúró ti aláìsàn, torí bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, irọ́ ló pa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà á sì mọ̀. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún ni ìlérí tí kò yẹ kó ṣe àti ìpè tí kò rán ẹnì kan láti pè. Ìyàtọ̀ yìí ló ń mú kí ẹ̀bẹ̀ ẹni tí pàjáwìrì dá dúró ṣeé gbà gbọ́.

Ìwádìí kan tún wà lórí bí ẹ̀bẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Roy Lewicki, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, àti àwọn méjì míì gbé e jáde lọ́dún 2016. Wọ́n fi oríṣiríṣi ẹ̀bẹ̀ han èèyàn 755. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú àwọn èèyàn náà ni kí ẹni tó ṣẹ̀ gbà pé òun lòun jẹ̀bi. Ìlérí àtúnṣe ló tẹ̀ lé e. Èyí tó kẹ́yìn pátápátá ni pé kó tọrọ ìdáríjì. Ará Amẹ́ríkà ni wọ́n bi, mo sì rò pé bí wọ́n bá bi Yorùbá, ẹni tó kọ lẹ́tà tí kò ní "má bínú" nínú rárá á gbọ́ràn. Láwùjọ wa, ẹni tí kò bá bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu, wọ́n á ní agídí ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n "má bínú" ẹ̀ẹ̀kan tó. "Sọ pé o ti dárí jì mí" ń gbé iṣẹ́ tuntun lé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lórí, ó sì ń fún un ní gbèdéke.

Irú ìfúnpá mìíràn wà tó jẹ́ tiwa gan-an: kí èèyàn máa rán ẹlòmíì. Kí ọ̀rọ̀ tó tutù, nọ́ọ̀sì ti pe ọkọ Ìyá Ìbejì, ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ti kọ ọ́ sójú òpó Wátsáàpù tí wọ́n fi kó owó ànkárá jọ pé, "Ẹ bá mi bẹ ọ̀rẹ́ mi o." Èèyàn mẹ́wàá á wá kọ "forí jì í" síbẹ̀. Kí ni Ìyá Ìbejì lè sọ? Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní oníkùnsínú ni. Bó bá gbà, ẹnu lásán ló fi gbà. Alágbàwí dára, àmọ́ ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti sọ̀rọ̀, tí kò sì lójú, ni wọ́n ń wá àgbà kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ ti ẹni méjì ni.

Kíkọ ni mo fara mọ́ ju ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ. Nínú ilé ọ̀fọ̀, ẹni tó bá tẹ ohùn náà lè tẹ̀ ẹ́ láàárín èrò, gbogbo ilé á sì gbọ́. Ohùn oníṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún, tó ń kẹ́dùn, tó ń mí kanlẹ̀, tún máa ń yí ọ̀rọ̀ padà: á wá di pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń rẹ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lẹ́tà ṣeé kà nígbà tí ọ̀rẹ́ bá ráyè, ó sì ṣeé tún kà.

Bí ọ̀rẹ́ kò bá gbà gbọ́ ńkọ́? Ó máa ń wu ẹni tó wà ní ipò nọ́ọ̀sì láti fi ẹ̀rí hàn, kó ya fọ́tò wọ́ọ̀dù tàbí fáìlì, tàbí kó sọ orúkọ obìnrin náà àti ohun tó ṣe é. Kó má dán an wò. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 pàṣẹ pé kí wọ́n pa àṣírí aláìsàn mọ́, ìjà ọ̀rẹ́ méjì kò sì sí lára ohun tí òfin yẹn yọ̀ǹda. "Aláìsàn kan tí mi ò lè fi sílẹ̀" ni òpin ohun tó lè sọ. Bí ìyẹn kò bá tó, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá fídáù, á jẹ́ pé nǹkan kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò pọ̀. Owó sàráà ti nọ́ọ̀sì fẹ́ mú wá ṣì jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀, ó sì yẹ kó san án. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kó ṣáájú ẹ̀bẹ̀ wọlé. Bí àkáǹtì bá dún kí lẹ́tà tó dé, ó dà bí ẹni ń ra ọ̀rọ̀ náà. Kó mú un lọ́wọ́ lọ lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé bíi ti gbogbo èèyàn.

Màmá ní ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́tà kò sì lè ṣe é. Lọ́jọ́ tó bá débẹ̀, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún Màmá kó tó jókòó. "Màmá, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àṣeyẹ Bàbá. Ẹ béèrè mi lọ́jọ́ náà, mi ò sí níbẹ̀. Ẹ má bínú, mà." Kó má ṣe ròyìn wọ́ọ̀dù fún un àyàfi bí Màmá bá béèrè. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọkọ kò nílò ìtàn ẹ̀jẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló máa kọ́kọ́ ní kó dìde, kó lọ bu oúnjẹ.

Ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo èyí, Ìyá Ìbejì ka lẹ́tà, àmì méjèèjì di búlúù, kò sì fèsì. Kí nọ́ọ̀sì má fi "ṣé o rí ọ̀rọ̀ mi?" lé e. Ó ti ní kó má ṣèyọnu láti fèsì, kó dúró lórí ohun tó sọ. Bó bá di alẹ́ ọjọ́rú, kó kọ ìlà kan ṣoṣo: "Mò ń bọ̀ lọ́la láàárọ̀, bí o kò bá ní kí n má wá." Bí ìdáhùn bá jẹ́ "má wá", kó má lọ, kó fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sílẹ̀, kó tún béèrè. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "o lè wá", láìsí ọ̀rọ̀ míì, kó lọ, kó má retí ẹ̀rín. Ẹni tó jókòó tì í tó ń ka orúkọ nínú ìwé, tó ń ní "èyí ń kọ́, ṣé a ti pè é?", ti ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tó gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó to orúkọ sí iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹbí náà bá máa ṣe àdúà ogójì ọjọ́, bí ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí wa ṣe ń ṣe, nǹkan bí oṣù kan péré ló kù. Kó lọ bá ọ̀gá wọ́ọ̀dù nísinsìnyí, kó tọrọ òru tó ṣáájú àti ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, kó sì wá ẹni tí wọ́n máa jọ pààrọ̀ iṣẹ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, kó sọ fún Ìyá Ìbejì pé òun ń bọ̀, kí ó sì fi kún un pé, "Fún àbúrò ẹ ní báàgì. Oúnjẹ àwọn àfáà ni kó o fi sílẹ̀ fún mi."